Táìsì Iwájú Síńkì

Ìyá Aránṣọ kì í ṣe òpùrọ́, àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ kó kúrò nílé tó ti gbé fún ọdún mọ́kànlá, irọ́ wù ú pa. Bíró wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìwé wà lórí maṣíìnì ìránṣọ tí wọn ò tíì gbé sínú ọkọ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì dúró tì í, ó ń bẹ̀ ẹ́.

"Màámi, ẹ kọ ti ófùn, ẹ kọ ti fèrèsé, kí ẹ fi ti táìsì yẹn sílẹ̀. Ojú Bàbá ò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́."

Bàbá yẹn ni Láńlọ́ọ̀dù, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì àmọ́ tí iṣẹ́ tíṣà ò tíì fẹ̀yìn tì lára rẹ̀. Òfin rẹ̀ ni pé ayálégbé tó bá ń kó jáde gbọ́dọ̀ kọ bó ṣe fọ ilé sínú ìwé, kí òun wá yẹ̀ ẹ́ wò ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á kọ lẹ́tà pé èèyàn dáadáa ni. Obìnrin tó ni ilé tuntun sì ti la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ fún Ìyá Aránṣọ: kò sí lẹ́tà, kò sí kọ́kọ́rọ́.

Ohun tó ń já a láyà ni ọ̀rọ̀ dẹ́rẹ́bà tó gbé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Láńlọ́ọ̀dù ní ọkùnrin náà da omi bátìrì sí táìsì kan lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Dẹ́rẹ́bà búra títí ẹnu fi bó o, Bàbá ò gbọ́. Ọkùnrin náà jáde láìgba lẹ́tà, àtìgbà náà ni Bàbá sì ti ń fi ìtàn rẹ̀ kìlọ̀ fáwọn èèyàn. Àfi bí Ìyá Aránṣọ náà ṣe wá ba táìsì kan jẹ́ lánàá, ó ku ọ̀la kó jáde!

Ó mí kanlẹ̀, ó sì kọ ọ́:

"Ófùn: mo yọ àwọn irin inú rẹ̀, mo rì wọ́n sínú omi gbígbóná àti ọṣẹ. Mo po páúdà sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì mọ́ omi díẹ̀, mo fi pa inú rẹ̀, mi ò kan irin tó ń gbóná. Ilẹ̀ mọ́ kí n tó nù ún kúrò.

"Fèrèsé: mo kọ́kọ́ gbọn eruku ojú irin rẹ̀, kó má baà di ẹrẹ̀. Mo dúró kí oòrùn kúrò lára gíláàsì kí n tó fọ̀ ọ́, torí oòrùn máa ń gbẹ ọṣẹ mọ́ ọn lára.

"Táìsì: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ ni mo fi fọ̀ wọ́n, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ àárín wọn. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo da fínígà sí èyí tó wà níwájú síńkì, kó lè dán. Mi ò mọ̀ pé mábù, òkúta tí wọ́n fi ṣe táìsì yìí, kì í fẹ́ nǹkan kíkan. Kò pẹ́ rárá tí dídán rẹ̀ fi lọ. Mo nù ún títí, kò padà."

Ọmọ rẹ̀ kàn gbé àpótí kan, ó bá tirẹ̀ lọ síta.

Láńlọ́ọ̀dù dé pẹ̀lú awò ojú rẹ̀ àti áńkáṣífù funfun. Ó ka ti ófùn, ó fi áńkáṣífù nu inú rẹ̀, áńkáṣífù jáde ní funfun. Ó ka ti fèrèsé, ó mi orí pé ó dáa. Nígbà tó dé orí táìsì, ó ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó kúnlẹ̀ níwájú síńkì, ó sì fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀ láti wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tàn lójú táìsì náà.

Bàbá dìde, ó lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn náà, ó tún fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Ìyá Aránṣọ, ṣé fínígà lásán lẹ dà síbẹ̀ yẹn?"

"Fínígà inú ìgò ni, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi."

"Bákan náà ni méjèèjì rí." Kò tíì dìde. "Ó ku ọjọ́ méjì kí dẹ́rẹ́bà yẹn jáde, mo rí àbàwọ́n níbí yìí. Èmi fúnra mi ni mo da fínígà sí i, mo ní kó rẹ, mo bá tèmi lọ. Nígbà tí mo padà wá yẹ ilé wò, dídán rẹ̀ ti lọ, mo sì ní omi bátìrì rẹ̀ ló bà á jẹ́."

Àánú rẹ̀ ṣe Ìyá Aránṣọ. Ó na ọwọ́ sí i, ó fà á dìde, ó gbé àga fún un nídìí maṣíìnì. Bàbá kọ lẹ́tà rẹ̀ fún un, lẹ́tà tó gùn tó sì dùn, ó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ló ní kó fún òun ní ìwé mìíràn.

"Ṣé ẹ ṣì máa ń rí dẹ́rẹ́bà yẹn?"

"Èmi ni mò ń rán aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ ẹ̀, Bàbá."

"Ẹ bá mi fún un."

Ó tẹ̀ mọ́ ìwé náà, ó ń kọ ọ́ bó ṣe máa ń ní káwọn ayálégbé kọ ọ́: "Táìsì ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn: èmi ni mo bà á jẹ́."