Orúkọ Ta Ló Wà Lórí Ímeèlì Náà?

Inú ṣì ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mùnírátù Sàlámì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe ẹni tó ń pariwo. Ọmọ Igbó-Ọrà ni, ọmọ Alfa Sàlámì tó ń dáko ẹ̀gẹ́. Òun ni akọ̀wé tó ń rí sí ìgbaniwọlé ní ilé-ẹ̀kọ́ ìlera tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Èmi Àríkẹ́ ni mò ń bójú tó kọ̀ǹpútà ibẹ̀. Bí ìwé bá há sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, èmi náà ni wọ́n ń pè, àfi bíi pé èmi ni mo bí ẹ̀rọ.

Mùnírátù ló ń dáhùn ímeèlì àwọn tó fẹ́ wọlé. Bí ọmọ kan bá béèrè ọjọ́ ìwọlé, Mùnírátù á sọ ọjọ́ fún un, á tún sọ ibi tí yóò ti bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, á ní kó mú aṣọ ìbora dání torí ọyẹ́. Mo máa ń bi í pé, “Mùní, ṣé ìwọ náà lo máa wẹ̀ fún wọn?” Á rẹ́rìn-ín. “Àǹtí Àríkẹ́, ẹni tí kò dé ibì kan rí, ṣe ni à ń júwe fún un.”

Àpótí ímeèlì tó ń lò kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ti ọ́fíìsì ìgbaniwọlé ni, àjùmọ̀lò. Nígbà tí mo fẹ́ dá a sílẹ̀, mo lọ bá ọ̀gá wa, Màmá Fọlábí, tí orúkọ wọn lórí ìwé ń jẹ́ Edith Ògúnlékè. Mo ní, “Ma, ẹ jẹ́ kí ènìyàn méjì péré mú kọ́kọ́rọ́ àpótí yìí: Mùnírátù, àti ẹnì kan tó máa dúró fún un tí kò bá sí.” Full access ni wọ́n kọ sórí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ la máa ń pè é, torí ẹni tó bá ní in lè ṣí àpótí, kó ka gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, kó sì pa á rẹ́. Àṣẹ láti fi orúkọ àpótí ránṣẹ́ tún yàtọ̀.

Màmá Fọlábí wò mí. “Kí n wá yọ Bàbá Yẹ̀kínì sílẹ̀? Kí wọ́n ní mo fojú di àgbà? Ọmọ ìyá ni gbogbo wa níbí. Fún gbogbo ènìyàn ní kọ́kọ́rọ́.” Bàbá Yẹ̀kínì tí wọ́n ń wí yìí, sítọ́ọ̀ ni wọ́n ń tọ́jú. Kí ni wọ́n fẹ́ fi àpótí ìgbaniwọlé ṣe? Ẹ bá mi bi wọ́n!

Ó ku ti àṣẹ ìfiránṣẹ́. Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro mí. Send on Behalf ni èyí tó dà bíi kí a rán ènìyàn níṣẹ́: ẹni tó gbà á á rí i pé Mùnírátù ló kọ ọ́ fún ọ́fíìsì ìgbaniwọlé. Send As ni pé orúkọ ọ́fíìsì nìkan ni yóò hàn. Bí ewúrẹ́ ló kọ ọ́, ẹni tó gbà á kò ní mọ̀. Mo ní kí a mú ti àkọ́kọ́. Màmá Fọlábí yarí. “Kí àwọn òbí máa rí orúkọ Mùnírátù ṣáájú ti ilé-ẹ̀kọ́? Ta ni ń jẹ́ Mùnírátù?” Ó parí. Send As, fún gbogbo ayé.

Ìgbà tí àwọn ọmọ tuntun wọlé, Àbẹ̀bí ọmọ Ògúnbíyìí, láti Ayétẹ̀, kò yọjú. Mùnírátù pè é. Ọmọ náà bú sẹ́kún lórí fóònù. “Ẹ̀yin lẹ kọ̀wé pé àyè ti kún, kí n má wá.” Wọ́n sì ti fi ẹlòmíràn dí àyè rẹ̀.

Ha! Ìjà dé. Màmá Fọlábí dúró láàárín ọ́fíìsì, níṣojú àwọn òbí tó jókòó, wọ́n ní Mùnírátù ti fi àyè ọmọlọ́mọ ta ẹbí ẹ̀ lọ́rẹ. Mùnírátù fi Ọlọ́run búra títí ohùn rẹ̀ fi há. Mo ní kí kálukú ṣí àpótí tirẹ̀, torí bí a ṣe ṣètò tiwa, ẹ̀dà ohun tí ènìyàn bá fi Send As rán, ọ̀dọ̀ ẹni tó rán an ló ń wà. Bàbá Yẹ̀kínì figbe ta: “Ṣé olè ni mí, tí o fẹ́ tú ẹrù mi?” Mo ní kí a kọ̀wé sí àwọn tó bá wa ṣètò ẹ̀rọ n’Íbàdàn, wọ́n lè wo ẹni tó ránṣẹ́ gan-an. Màmá Fọlábí ní a kì í gbé ọ̀rọ̀ ilé síta. Ọ̀rọ̀ ilé! Wọ́n ti pe ọmọlọ́mọ lólè lójú àlejò, ọ̀rọ̀ ilé wá di àṣírí!

Wọ́n ní kí Mùnírátù lọ jókòó sílé ná. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Igbó-Ọrà ti gbọ́. Alfa Sàlámì kò lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí ní Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ náà. Ìyẹn ló dùn mí jù lọ nínú gbogbo rẹ̀, torí ọkùnrin náà kì í pa Jímọ̀ jẹ.

Kí wọ́n tó kúrò lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ ìjà náà, Màmá Fọlábí ní, “Àríkẹ́, ṣe é kí irú èyí má tún ṣẹlẹ̀. Kó kan gbogbo ènìyàn!” Ẹ ṣeun, ma. Mo yọ Send As kúrò lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, mo fi Send on Behalf rọ́pò rẹ̀. N kò fi méjèèjì sílẹ̀ pọ̀, torí Send As ló máa ń borí. Wọ́n ní gbogbo ènìyàn, n kò sì yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Kò pẹ́, Búrẹ́mọ̀, àgbẹ̀ iṣu láti Ìgàngàn, wọlé tọ̀ wá wá pẹ̀lú fóònù ọmọ rẹ̀. Kò jókòó. “Ẹ gba ọmọ mi wọlé, ẹ tún ní kó má wá. Èwo ni ká gbọ́?”

Màmá Fọlábí gba fóònù náà, wọ́n kà á sókè: “Àyè ti kún. Ẹ má wá.” Wọ́n wo òkè rẹ̀. Orúkọ wọn ni. Edith Ògúnlékè, fún ọ́fíìsì ìgbaniwọlé.

Wọ́n ní ọkùnrin kan ló ń dà wọ́n láàmú pé òun fẹ́ wá pàtẹ ọjà nínú ọgbà wa, òun ni wọ́n rò pé àwọn ń dá lóhùn. Inú mọ́tò ni wọ́n wà lọ́nà Èrúwà, mọ́tò ń gbọ̀n, ìka wọn bọ́ sórí ímeèlì mìíràn. Mo béèrè ti Àbẹ̀bí. Wọ́n ṣí àpótí tiwọn, wọ́n wá a, wọ́n rí ẹ̀dà ti Àbẹ̀bí náà níbẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ẹ gbọ́ ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn: “Àríkẹ́, ta ló ní kí o kọ orúkọ mi síbẹ̀?”

“Ma, ṣé kì í ṣe orúkọ yín ni?”

Ojú wọn wálẹ̀. Wọ́n ní kí n wá àyè fún Àbẹ̀bí bó ti wù kó rí. Wọ́n ní láti òní, kí kọ́kọ́rọ́ àpótí wà lọ́wọ́ Mùnírátù àti igbákejì rẹ̀ nìkan, kí n gba ti àwọn pàápàá. Mo gbà á lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n tó yí ohùn padà.

Lẹ́yìn náà, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. “Jọ̀ọ́, Àríkẹ́ mi, bá mi dé ọ̀dọ̀ Alfa Sàlámì. Sọ fún wọn pé mo ní kí wọ́n má bínú.”

Mo gbé àpò wọn kúrò lórí tábìlì, mo gbé e lé wọn lọ́wọ́. “Rárá, ma. Ẹ̀yin lẹ máa sọ èyí fúnra yín, lójú àwọn aládùúgbò Alfa.”