Gírámà Nìkan, Mà

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wà ní ọdún àṣekágbá ní yunifásítì tí mo ti ń kọ́ni ní Chicago kọ lẹ́tà sí mi. Ó ní kí n bá òun wo àbá iṣẹ́ ìwádìí òun, bóyá gírámà rẹ̀ tọ́. Gírámà nìkan, mà.

Gírámà ò ní àléébù, àmọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sọ ohun tó fẹ́ wádìí. Mo fèsì bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, mo ní kó má tíì fi ránṣẹ́.

Kí n tó délé, ìyá rẹ̀ ti pè mí láti Tinley Park, ó ń dúpẹ́, ó ń ṣàdúrà lóríṣiríṣi. Ọmọ ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá tó ń darí rẹ̀. Ó kọ orúkọ mi síbẹ̀ pé mo ní ó dára.