Ìfò Kan Péré Tó Kù

Nígbà tí mo wà ní géńdé, mo fi ọparun kan ṣoṣo fo ilé alájà méjì kọjá, láti ẹ̀yìnkùlé bọ́ sí ojú títì, àkàrà ọwọ́ mi ò sì tíì tutù tí mo fi balẹ̀. Ìyàwó mi ní kí n má sọ ọ́ níwájú àlejò mọ́. Mo ti gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ọdún 1980. Koríko ni mò ń gé ní ilé-ìwé girama kan n'Ìjẹ̀bú-Òde. Lọ́jọ́ ìdíje àwọn ilé-ìwé, èmi ni wọ́n fi sídìí òpó ìfò-sókè, kí n máa gbé ọ̀pá padà tó bá já bọ́. Òfin ibẹ̀ ò le. Ẹsẹ̀ kan ni wàá fi ta kúrò nílẹ̀. Bí ara rẹ bá kan ọ̀pá, tó gbọ̀n, tó sì dúró, àsíá funfun. Bó bá já bọ́ nítorí rẹ, àsíá pupa. Bí gíga kan ò bá wù ọ́, o lè fi í sílẹ̀, kí o dúró de èyí tó tẹ̀ lé e.

Bírìkìlà ni ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọbìnrin rẹ̀ gùn lẹ́sẹ̀ bíi lékeléke, ìwé sì dùn mọ́ ọn. Ilé-ìwé ti ṣèlérí pé ẹni tó bá gba ipò kìíní, tó sì ṣojú wa l'Ábẹ́òkúta, lọ́fẹ̀ẹ́ ni yóò máa kàwé lọ. Ẹ̀gbọ́n ò ní agbára owó ilé-ìwé mọ́. Ó ti sọ fọ́mọ náà pé bí kò bá gba ipò kìíní, Èkó ló ń lọ, lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀, lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ.

Ó wá ku òun àti ọmọ ilé-ìwé mìíràn kan. Ọ̀pá dé abẹ́ apá mi. Ọmọ kejì fò ó lẹ́ẹ̀kan, ó mọ́ roro. Tiwa fò ó, ìdí rẹ̀ gbé ọ̀pá lọ. Ó tún fò ó, gìgísẹ̀ kàn án. Olùkọ́ obìnrin tó ń kọ́ ọ ní eré wà lódì kejì pápá lọ́dọ̀ àwọn tó ń sáré.

Ẹ̀gbọ́n na ọrùn lẹ́yìn okùn tí wọ́n fi dá èrò ìwòran dúró, sìmẹ́ǹtì ṣì wà lára ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, fi ìyẹn sílẹ̀! Bó o bá tiẹ̀ fò ó báyìí, ẹni yẹn ṣì wà níwájú rẹ, ẹ̀ẹ̀kan lòun fò ó. Dúró de òkè!"

"Bàbá, ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù fún mi."

"Nísàlẹ̀ níbí ni. Bíi ti ilé mímọ ni, tá a bá ti gbé okùn ìmọlé sókè, ìlà búlọ́ọ̀kù tuntun la bẹ̀rẹ̀. Mẹ́ta mìíràn nìyẹn!"

Ọmọ náà yíjú sí mi. "Bàbá kékeré, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bàbá rẹ ló ń mọlé," ni mo wí. "Èmi, koríko ni mò ń gé."

Ó sọ fún adájọ́ pé òun fi í sílẹ̀. A gbé ọ̀pá dé ọrùn mi.

Ọmọ náà sáré, ó tẹ̀ kọ́rọ́, ó fò. N kò tíì rí i kó fò báyẹn rí. Ẹ̀yìn rẹ̀ kan ọ̀pá fẹ́ẹ́rẹ́. Ó balẹ̀ sórí fóòmù, ó kúnlẹ̀, ó ń wo ọ̀pá bó ṣe ń gbọ̀n. Ó gbọ̀n títí, ó wá já bọ́ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi.

Ẹ̀gbọ́n pàtẹ́wọ́. "Kò burú! Ó ku méjì! Sinmi, jàre!"

Ọmọ náà ti ń padà lọ síbi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ eré nígbà tí adájọ́ pè é. "Ó ti tán, ọmọ mi."

Ẹ̀gbọ́n bẹ́ wọlé lábẹ́ okùn. "Ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló fo èyí!"

"Bàbá, méjì ti ìsàlẹ̀ bá a gòkè ni. Ìkùnà mẹ́ta tẹ̀léra, láìsí ìfò rere láàárín wọn, ẹni náà ti jáde nìyẹn. Ká ní ó fo ti ìsàlẹ̀ ni, à bá tún bẹ̀rẹ̀ kíkà."

Ẹ̀gbọ́n wo ọ̀pá. "Ṣé ká ní mo panu mọ́..."

Adájọ́ ká àsíá pupa rẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá," ló kàn ń sọ.

Kí oṣù náà tó parí, Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló ru àpótí ọmọ náà dé gáréèjì. Ọmọ ò bínú sí i, ìyẹn ló sì dùn ún jù. Láti ìgbà náà, bó bá ń mọlé, tó sì kan kó gbé okùn sókè, á dúró tì í.

Lọ́dún mélòó kan lẹ́yìn náà, ọmọ náà wálé. Ó gbé igi ìgbálẹ̀ lé orí àpótí méjì ní àgbàlá, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó fò ó. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, "Mo ti dárí ji ara mi."

Irọ́ ni ti àgbàlá yẹn, èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀. Ọmọ náà wálé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìsìnkú Ẹ̀gbọ́n ló wá ṣe. Kò fo nǹkan kan.