Ṣájà Tó Wọlé Ṣùgbọ́n Tí Kò Tó

Ìyá Wáyà ni àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é, nítorí òun ló ti ń tún íńtánẹ́ẹ̀tì ilé ìwòsàn náà ṣe láti ọdún mọ́kànlá. Kì í kánjú, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ráútà tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì ní yàrá ìforúkọsílẹ̀ ń kú, ó ń jí. Bí àwọn akọ̀wé bá ti tan kọ̀ǹpútà wọn tán báyìí, ó tún ti kú nìyẹn. Mátírọ̀nù ní kí wọ́n kúkú ra òmíràn.

"Ẹ fara balẹ̀, mà." Ìyá Wáyà gbọ́wọ́ lé ráútà náà, kò gbóná. Ó ki ṣájà rẹ̀ bọ bátìrì ńlá tí iná ségesège ìta kò lè dà láàmú, ó ṣì ń kú. Ló bá ka ohun tí wọ́n kọ sára ṣájà náà. Iná áńpù kan ààbọ̀ ni ráútà ń fẹ́, ìdajì áńpù péré ni ṣájà yìí ní. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ púpọ̀ fi ń pa á.

"Ta ló ni ṣájà yìí?"

Mátírọ̀nù wo ilẹ̀. "Ti fáànù orí tábìlì mi ni. Mo fi pààrọ̀ ti ráútà lọ́jọ́ Jímọ̀, kí fáànù lè fẹ́ dáadáa. Ó ṣáà wọlé."

"Ó wọlé lóòótọ́, mà. Kò tó ni."

Wọ́n dá ṣájà ráútà padà fún un. Ìyá Wáyà ní bí ráútà bá ṣì ń kú, a jẹ́ pé ètò inú rẹ̀ ló bàjẹ́. Wọ́n tan gbogbo kọ̀ǹpútà. Wákàtí méjì kọjá, kò kú.

Ṣájà kékeré ti padà sí fáànù Mátírọ̀nù, ó wá ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Mátírọ̀nù nu òógùn, ó rẹ́rìn-ín. "Ooru ń mú mi, ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀."