Nọ́ńbà Tí Mo Ń Pa Rẹ́ Tó Ń Padà Wá

Inú ṣì ń bí mi sí ọ̀gá wa àtijọ́, mi ò ní purọ́.

Iléeṣẹ́ tó ń kó òògùn wọlé la wà, ní Mamba Point, nílùú Monrovia. Èmi ni mo ń tọ́jú kọ̀ǹpútà wọn àti àkójọ nọ́ńbà àwọn òṣìṣẹ́. Kí awakọ̀ tó bá gbé òògùn lọ sí Duport Road tàbí Barnersville lè rí ẹni tó yẹ kó pè, a fi áàpù kan sórí fóònù gbogbo wa. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni mo ṣí fún un. Ohun tó bá wà nínú àkójọ iléeṣẹ́ ń sọ̀ kalẹ̀ wá sórí fóònù. Ohun tí èèyàn bá fi kún un lórí fóònù tirẹ̀, ibẹ̀ náà ló ń wà, kò lè gòkè.

Èyí kò tẹ́ ọ̀gá lọ́rùn. Ọmọ Yorùbá ni bíi tèmi, ó sì máa ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àbúrò rẹ̀ wí.

“Tí mo bá tún nọ́ńbà kan ṣe lórí fóònù mi, kí ló dé tí kì í dé inú àkójọ? Jẹ́ kó máa lọ, kó máa bọ̀.”

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Ohun tí ẹ bá kọ sórí fóònù yín, gbogbo òṣìṣẹ́ ni yóò rí i. Àti pé àkójọ wa ń fi òdo bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà, áàpù yìí sì ń fi àmì orílẹ̀-èdè, ìyẹn 231, bẹ̀rẹ̀ ẹ. Tí a bá jẹ́ kí àwọn méjèèjì máa kọ̀wé síra wọn, wọn á kàn máa tún ti ara wọn kọ ni, kò ní dáwọ́ dúró.”

“Àríyànjiyàn rẹ ti pọ̀ jù.”

Mo gba ìsinmi lọ wo ìyá mi. Kí n tó dé, ọ̀gá ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ọ̀nà kejì.

Àárọ̀ ọjọ́ tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, akápò iléeṣẹ́ wa ló dúró dè mí lẹ́nu géètì. Monrovia níbí ni wọ́n bí ọmọbìnrin náà sí, àmọ́ Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀. Ọkùnrin kan ní sítọ́ọ̀ wa ti ń pè é lórí fóònù, ó ń sọ ìsọkúsọ sí i. Ọmọbìnrin náà fẹjọ́ sùn. Ọ̀gá kàn ní kí ọkùnrin náà jáwọ́ ni. Nígbà tí kò jáwọ́, ọmọ náà yí nọ́ńbà padà, èmi àti ọ̀gá nìkan ló sì fún. Nọ́ńbà ọ́fíìsì nìkan ló wà fún un nínú àkójọ.

“Anti, ó tún ti pè mí. Ọ̀kan nínú ẹ̀yin méjèèjì ló fún un.”

“Èmi kọ́.”

Kò gbà mí gbọ́. Mo rí i lójú rẹ̀.

A jọ wọlé, mo ṣí àkójọ. Nọ́ńbà tuntun rẹ̀ wà níbẹ̀ gbagada. Ọ̀gá ti fi í sábẹ́ orúkọ ọmọ náà lórí fóònù tirẹ̀. Bó ṣe ṣí ọ̀nà kejì, nọ́ńbà náà gòkè sínú àkójọ, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sórí fóònù gbogbo wa, ti ọkùnrin sítọ́ọ̀ náà pẹ̀lú.

Mo pa á rẹ́. Kò pẹ́, ó padà wá. Mo tún pa á rẹ́, ó tún padà.

“Anti, ṣé ẹ fẹ́ fi mí ṣeré ni?”

Ohun tí mo bẹ̀rù ló ti ṣẹlẹ̀. Àkójọ á fi òdo síwájú, áàpù á rí i pé nǹkan yí padà, á fi àmì orílẹ̀-èdè rọ́pò rẹ̀, á sì dá gbogbo ohun tó wà lábẹ́ orúkọ náà padà sókè. Àkójọ á tún fi òdo sí i. Ẹ̀dà tó bá dé gbẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà sí òótọ́, fóònù àwọn òṣìṣẹ́ kò sì sinmi. Ìparẹ́ tèmi kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn tí wọ́n ti ń gbé ti àtijọ́ gòkè bí ohun tuntun.

Mo gba àṣẹ ìkọ̀wé lọ́wọ́ áàpù náà pátápátá, kíkà nìkan ni mo fi sílẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà ni mo pa nọ́ńbà rẹ́, tí kò sì padà mọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò pa á rẹ́ nínú orí ọkùnrin yẹn tó ti mọ̀ ọ́n?

Mo wọ ọ́fíìsì ọ̀gá láì kanlẹ̀kùn.

“Ẹ̀rọ ló ṣe é,” ló kọ́kọ́ sọ.

“Ẹ̀rọ kọ́, ọ̀gá. Ẹ̀yin ni. Mo sọ fún yín.” Ohùn mi ti lọ sókè, àwọn tó wà níta ń gbọ́. “Ọkùnrin yẹn ò gbọdọ̀ wọlé yìí lọ́la. Tó bá wọlé, èmi ò ní wọlé.”

Wọ́n lé ọkùnrin náà lọ́jọ́ kejì. Ọ̀gá kò bẹ ọmọ náà, kò bẹ èmi náà.

Ọmọ náà tún ra síìmù mìíràn. Kò sọ nọ́ńbà rẹ̀ fún mi, èmi náà ò sì bi í.