Ògiri tó jẹ pọ́tì ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú

Kí oòrùn tó kọjá àtàrí lọ́jọ́ náà, gbogbo Ọjà'ba ló ti gbọ́ pé ògiri kan ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú jẹ ike pọ́tì méjìlá, ó sì gùnfẹ̀. Pọ́tì ni ohun funfun tó ki bí ògì tí a kò bù lómi, tí àwọn péntà fi ń dí ihò ara ògiri kí wọ́n tó kun ọ̀dà. Kì í ṣe oúnjẹ èèyàn, kì í ṣe oúnjẹ ẹran. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà máa fi dé Bẹẹrẹ, ògiri ti hu eyín. Ní Mápó, ó ti gbé sálúbàtà alágbàṣe kan mì. Nígbà tó fi sọ̀kalẹ̀ dé Mọ́lété, obìnrin kan ti ń búra pé etí òun méjèèjì lòun fi gbọ́ ọ tó ń béèrè omi. Wọ́n sì mọ ẹni tó ń bọ́ ògiri náà: Àkíbù péntà, ará Bẹyẹrúnkà, tí wọ́n ní ó máa ń lá ògiri kiri, tó ń tutọ́ sí i lójú, tí pọ́tì olówó yóò sì gba inú ògiri lọ sílé rẹ̀.

Àkíbù gbọ́ ọ. Ta ni kò gbọ́? Ara rẹ̀ kò sì balẹ̀.

Ara rẹ̀ kò balẹ̀ rí, ká sòótọ́. Àkíbù kò lè jókòó kí omi fi hó. Bó bá ń kírun, ojú rẹ̀ á máa wo ibi tí ọ̀dà ti ń ṣí lára mọ́sáláásí. Ìyàwó rẹ̀ ní lójú oorun pàápàá, ọwọ́ rẹ̀ máa ń lọ sókè-sódò bí ẹni tó ń fa rólà. Ṣùgbọ́n tó bá kan ká wo ògiri ká sọ iye ohun tó máa gbà, kò sí ẹni tó ń bá a fà á láti Ọjà'ba títí dé òkè Mápó. Ọ̀nà tirẹ̀ sì dá yàtọ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti yi bí awọ bàtà, kò mọ dídán yàtọ̀ sí págunpàgun mọ́, nítorí náà ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló máa ń fi kan ògiri, á gbé e lọ gbé e bọ̀ bí ológbò tó ń fara ra olúwa rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, á bu omi sẹ́nu, á fọ́n ọn sára ògiri, fúù! Bí omi bá ṣàn wálẹ̀, ògiri kò gbẹ púpọ̀. Bí ògiri bá mu ún lójú ẹsẹ̀, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ nìyẹn, yóò sì mu práímà ju bó ṣe yẹ lọ. Práímà lọ̀dà àkọ́kọ́ tí a ń fún ògiri mu, kó má baà fa omi inú pọ́tì gbẹ kí pọ́tì tó lẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Bàbá náà ló sì kun mọ́sáláásí Bẹyẹrúnkà kẹ́yìn kó tó kú. Láti ìgbà náà, ohun kan ṣoṣo ni Àkíbù ń tọrọ lẹ́yìn ìrun: kí òun náà kun ún. Lọ́dún yìí, Bàbá Abdulmajeed, olórí ìgbìmọ̀ mọ́sáláásí, ti fẹnu sí i. Wọ́n ní kó kọ́kọ́ parí iṣẹ́ yàrá ńlá Àlàájà Jamilah ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú kí ọdún ààwẹ̀ tó dé, kí àwọn fi wo ọwọ́ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Oṣù ààwẹ̀ ni.

Ẹni tó ń gbààwẹ̀ kò ní bu omi sẹ́nu kó máa fọ́n ọn. Bí ẹ̀kán omi kan bá yọ́ wọ ọ̀nà ọ̀fun ńkọ́? Àkíbù ro ó títí, ó ní òun kò ní torí ògiri ba ààwẹ̀ òun jẹ́. Nígbà tí kò sì ti ní fọ́n omi, kò tiẹ̀ rántí gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ síbẹ̀. Ó kàn fa téèpù. Yípo yàrá jẹ́ mítà méjìdínlógún, gíga rẹ̀ mẹ́ta. Bí a bá pe mítà kan níbùú, mítà kan lóòró ní abala kan, mẹ́rìnléláàádọ́ta nìyẹn. Ó yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé kúrò, ó ku méjìdínláàádọ́ta. Ó wo ara ike: ike pọ́tì kan á tẹ́ abala mẹ́rìndínlógún, lẹ́ẹ̀mejì. Ike mẹ́ta, kò lé, kò dín. Gálọ́ọ̀nù práímà kan ṣoṣo.

"Ṣé ó dá ọ lójú?" Àlàájà bi í.

"Àlàájà, bí ẹni jẹ̀kọ ni."

Ògiri náà ń gbọ́. Ògiri amọ̀ ayé àtijọ́ ni, tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lẹ́yìn náà, tí birikìlà tó rẹ́ ẹ fi yanrìn olókùúta ṣe, tí kò sì fi pátákó ra á kó jọ̀lọ̀. Lókèèrè, ó rí bí ògiri. Nítòsí, ó rí bí ẹ̀yìn ọ̀nì.

Ògiri méjì péré ni Àkíbù fún ní práímà, tí gálọ́ọ̀nù fi gbẹ. Bó ṣe ń fa rólà kọjá ni ògiri ń gbé e mu. Kò sọ fẹ́nì kankan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa pọ́tì sára ògiri méjì tó ti ní práímà. Ìgbà tó máa fi parí ìkejì, ike mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ṣófo.

Àlàájà fi tìyanu-tìyanu rán ọlọ́kadà lọ ra méjì sí i. Kó má baà jẹ́ pé ó tún tọrọ práímà, Àkíbù fa pọ́tì sára ògiri kẹta báyẹn, láìní práímà. Ògiri fa omi inú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kí irin ìfàpọ́tì tó dé ìdí, òkè ti gbẹ, ó là wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó ń já bọ́ bí èépá. Ó ha á dànù. Ó padà tọrọ gálọ́ọ̀nù kejì, tìtìjú-tìtìjú. Ike méjèèjì tán sí ògiri kẹta yìí. Àlàájà tún ra ìkẹfà.

Ní gbogbo àsìkò yìí, Nojeem tó ń lẹ táyà ní ẹnu ọ̀nà àdúgbò ń ṣe olùṣirò. Ike tó bá wọlé, ó kà á. Ike òfìfo tí Àkíbù bá sì gbé jáde, tó fi ọmọrí dé, kó lè gbé e lọ fún ìyàwó rẹ̀ fi pọnmi, ó kà á mọ́ ọn.

Ni Bàbá Abdulmajeed bá wá lẹ́yìn ìrun Àlàsárì, pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

"Àkíbù, mọ́sáláásí kì í ṣe ibi tí a ti ń pa pọ́tì rẹ́. Wọ́n ní o ń gbé e lọ sílé. Wọ́n ní o tún ń lá ògiri."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, n kò lá ògiri rí. Ike òfìfo ni mo gbé lọ."

"Kí ló wá jẹ pọ́tì?"

Àkíbù kò lè dúró lójú kan. Ó lọ sídìí fèrèsé, ó padà, ó lọ sídìí ilẹ̀kùn. Ó ní: "Àlàájà, ẹ yá mi ní síkáàfù yín." Ó gbé síkáàfù lé ògiri tó ti fi pọ́tì sí, ó fà á, ó yọ̀ wálẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó gbé e lé ògiri kẹrin tí kò tíì ní pọ́tì, ó fà á, síkáàfù há. Ó tún fà á, ó ya.

"Yéè! Síkáàfù Mẹ́kà mi!"

"Ẹ má bínú, Àlàájà. Ihò tó di síkáàfù mú yẹn, òun ló jẹ pọ́tì. Ògiri tó dán ni ẹni tó kọ̀wé sára ike ń bá sọ̀rọ̀. Lórí èyí, ẹ ní láti kọ́kọ́ dí kòtò kí ẹ tó ní ilẹ̀ tí ẹ máa tẹ́ ẹní lé. Ibi tí ike kan ì bá ti tẹ́ abala mẹ́rìndínlógún, mẹ́jọ ló ń tẹ́. Ó yẹ kí n ti mọ̀. Ààwẹ̀ ni kò jẹ́ kí n fọ́n omi wò ó."

Àlàájà gbé ojú kúrò lára síkáàfù. "Ààwẹ̀? Ṣé o kì í fi omi fọ ẹnu tí o bá ń ṣe àlùwàlá ni?"

Àkíbù tún rìn lọ sídìí fèrèsé, ó padà.

"Tàbí kẹ̀, ẹnu rẹ gbààwẹ̀, ṣé ọwọ́ rẹ náà gbààwẹ̀ ni? O kò lè fọwọ́ wọ́n omi?"

Bàbá Abdulmajeed fi ọ̀pá bo ẹnu, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tó rí ohùn fi sọ̀rọ̀, ó ní: "Ó dáa. Ògiri kẹrin ló kù yìí, ike kan ló sì kù. Ṣé ó máa tó o?"

Àkíbù yíjú sí ògiri. Ó ti fún un ní práímà. Ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e lójú gbogbo wọn, ó ra á láti òkè dé ìdí. Ilẹ̀kùn àti fèrèsé ńlá ló gba ìdajì ògiri ọ̀hún; bí abala méje ló kù. Mẹ́jọ fún ike kan.

"Á tó. Á ṣẹ́kù díẹ̀."

"Bó bá ṣẹ́kù, wá mú kọ́kọ́rọ́ mọ́sáláásí lọ́la. Bó o bá tọrọ ike keje, a ó wá ẹlòmíràn."

Ní ọjọ́ kejì, Àkíbù fa pọ́tì bí ẹni tí ológun ń lé. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan, ó rìn yí yàrá títí ó fi gbẹ, ó fà á lẹ́ẹ̀kejì. Gbogbo ìgbà ló ń wo inú ike. Ó dé igun ìsàlẹ̀, irin bẹ̀rẹ̀ sí í ha ìdí ike, kìrà, kìrà. Ó fa èyí tó kẹ́yìn, ó dìde, ó wo inú ike: ó ṣẹ́kù bí ẹ̀kúnwọ́ kan.

Bàbá Abdulmajeed, tó ti wá wo iṣẹ́, fi ìka kan ògiri, ó na kọ́kọ́rọ́ sí Àkíbù. "Kó o tó ra ohunkóhun fún ti mọ́sáláásí, wọ́n omi sí ògiri. Pẹ̀lú ọwọ́."

Bàbá ní kó dúró kí àwọn jọ sọ̀rọ̀ ọ̀dà. Àkíbù kò gbọ́. Ó ti gbé ike náà sórí, ó di ìdí Nojeem, níbi tí àwọn ọlọ́kadà mẹ́rin ti ń gba afẹ́fẹ́ àti ìròyìn.

"Nojeem! Ike mélòó lo kà?"

"Mọ́kànlá ni tèmi o. Ọjà'ba ló fi ẹyọ kan ṣe èènì."

"Mẹ́fà ló wọlé, márùn-ún òfìfo ló jáde. Ohun tó wọlé àtohun tó jáde lo pa pọ̀! Ṣé bó o ṣe ń ka táyà nìyẹn?" Ó gbé ike kalẹ̀, ó fi ìdí rẹ̀ hàn wọ́n. "Ẹ wò ó, ìkẹfà rèé. Ẹ bá mi sọ ọ́ dé Mọ́lété: mẹ́fà ni. Ògiri kò léyín. Kò gbé sálúbàtà ẹnì kankan mì. N kò lá a, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni mo fi kàn án."

"Gígùnfẹ̀ ńkọ́?" ọlọ́kadà kan bi í.

Àkíbù ti gbé ike, ó ti ń lọ sọ́nà Bẹyẹrúnkà. Ó yíjú padà.

"Ìyẹn ni n kò lè bá yín jiyàn lé. Bí omi bá kan ògiri tó gbẹ, ó máa ń dún ṣíì."