Oko Tí Mo Fi Pamọ́

Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì ń gba gbogbo ilẹ̀ Ọ̀tà, ọkùnrin kan wá sílé wa, ó ní ìjọba ń ṣírò ohun tí Nàìjíríà ń pèsè lọ́dún. Mo fura pé owó orí ló ń wá. Mi ò sọ̀rọ̀ oko ẹ̀gẹ́ mi ní Alápòtì, tí a ń jẹ gààrí rẹ̀. Mo ní mò ń dáná, mò ń fọṣọ, mo sì ń tọ́jú ìyá ọkọ mi tó rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀.

Ó kọ ọ́ pé mi ò níṣẹ́.

Mo bi í pé, "Ẹni tí aládùúgbò wa gbà síṣẹ́ pé kó máa tọ́jú ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n ń sanwó fún un, mà, a kà á. Ká ní ẹ lóko ni, à bá kà á, bí ẹ̀yin nìkan tiẹ̀ ń jẹ ohun tẹ́ ẹ gbìn."

Èyí tí wọn ì bá kà ni mo fi pamọ́. Èyí tó ń pa mí lójoojúmọ́ ni mo kà fún un, kò kọ ọ́.